Délé mẹ́ta, aṣọ kan: àkọsílẹ̀ kọ́míìkì kan láti Kàbbà

Nígbà tí iṣẹ́ yìí dé ọ̀dọ̀ mi, Délé márùn-ún ló wà nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì àfi ẹni tó yà wọ́n. Ọ̀dọ́ mẹ́ta ní Kàbbà ló ni kọ́míìkì náà. Ọ̀kan ń kọ ìtàn, ọ̀kan ń ya àwòrán, ẹnì kẹta ń fi fóònù kun àwọ̀ sí i. Akọni wọn ni Bámidélé, ọmọbìnrin tó ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ jẹ́ ahunṣọ láti ilẹ̀ Bùnú. Lálẹ́ ọjọ́ tí ìyá àgbà náà ń lọ, ó fa aṣọ pupa kan lé ọmọ náà lọ́wọ́. Bí Délé bá ti ró aṣọ yìí, agbára gbogbo obìnrin tó ti hunṣọ nínú ìdílé náà á wọ̀ ọ́ lára, ìbọn kò sì ní í ràn án. Aṣọ náà ló fi ń gba èrò ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ajínigbé lójú ọ̀nà Kàbbà sí Ọ̀bájánà.

Ìwé kìíní tà dáadáa. Wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ìwé lọ́wọ́, wọ́n sì fi aláwọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù fún àwọn tó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Ìwé kejì ni wọ́n fẹ́ fi gbé Délé kúrò nínú ayé kan ṣoṣo. Wọ́n ti wo fíìmù Spider-Man aláwòrán yíyà ti ọdún 2018, wọ́n ti wo èyí tí Spider-Man mẹ́ta tó ń jẹ́ Peter Parker ti pàdé ní 2021, mọ́tífásì sì ti wọ̀ wọ́n lórí: èrò pé ayé mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, tí ẹni kan náà ń gbé níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Wọ́n fẹ́ kí Délé náà pàdé Délé.

Àwọ̀ aṣọ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Délé kan ró pupa, ọ̀kan ró búlúù, ọ̀kan ró dúdú, ọ̀kan ń fò, ọ̀kan ń yọ iná lẹ́nu. Kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, wọ́n kó ojú ìwé mélòó kan lọ fún àwọn òǹkàwé wọn nítòsí gáréèjì. Ọmọkùnrin kan ka ibi tí Délé méjì ti ń jiyàn, ó tún ojú ìwé náà ṣí padà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí Délé ń bá ara ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ṣé orí ẹ̀ ti dàrú ni?" Fọ́tòkọ́pì kò kúkú mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù. Àwọn tó kà á lórí fóònù rí àwọ̀, wọ́n mọ̀ pé Délé ti di márùn-ún, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn. Èyí gan-an ló burú jù nínú àbọ̀ tí wọ́n mú wá fún mi. Ẹni tí nǹkan dà rú mọ́ lójú ṣì ń kà á. Ẹni tí kò bìkítà ti kúrò níbẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ìdí tí aṣọ fi tó fún àwọn aṣáájú tí kò sì tó fún àwọn ọmọ Kàbbà yìí, kó wo ìtàn Flash, akọni tó ń sáré bí mànàmáná, tí ilé iṣẹ́ kọ́míìkì DC gbé jáde ní 1961, nínú ẹ̀dà 123. Gardner Fox ló kọ ọ́, Carmine Infantino ló yà á. Flash àkọ́kọ́, Jay Garrick, ti wà láti 1940. Ní 1956 wọ́n gbé Flash tuntun dé, Barry Allen, ẹni tó jẹ́ pé inú kọ́míìkì lásán ló ti ń ka ìtàn Jay láti kékeré. Nínú ẹ̀dà 123 yìí, Barry sáré dé ayé ibi tí Jay ti jẹ́ ènìyàn gidi. Àṣíborí irin oníyẹ̀ẹ́ tó wà lórí Jay ni gbogbo èèyàn ń rántí. Àmọ́ wo ohun tí Barry bá níbẹ̀: ọkùnrin tó ti gbéyàwó, tí ewú ti ń yọ lẹ́bàá etí rẹ̀, tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ akọni. Àṣíborí kàn ń sọ fún ojú pé ẹni tibí ni. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti ohun tó ti fi sílẹ̀ ni òǹkàwé ń bá lọ.

Ẹ̀gbẹ́ náà gbọ́ èyí, wọ́n lọ, wọ́n sì padà wá pẹ̀lú Délé burúkú. Aṣọ kan náà, agbára kan náà, ṣùgbọ́n òun ló ń jí èèyàn gbé. Ìjà tó wà níbẹ̀ dùn, n kò ní í parọ́. Ayàwòrán wọn mọ bí wọ́n ṣe ń ya ẹni tí wọ́n jù mọ́ ilẹ̀ tí eruku ń sọ lálá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún kó o dé gáréèjì, ọmọbìnrin kan tó ń ta omi inú ọ̀rá ka gbogbo rẹ̀ tán ní ìdúró, ìbéèrè kan ló sì bi wọ́n: "Kí ni wọ́n ṣe fún un?" Òǹkọ̀wé náà kò rí èsì fọ̀. Délé burúkú burú nítorí pé wọ́n nílò ẹni tí Délé rere máa lù. Ibẹ̀ ni mo ti ní kí wọ́n gbé gègé sílẹ̀, kí wọ́n wá bá mi jókòó.

Fíìmù Spider-Man aláwòrán yíyà ti 2023 ni a wò papọ̀, a sì dá a dúró lápá ìparí. Miles Morales, ọ̀dọ́ tí aláǹtakùn bù jẹ tó fi di Spider-Man, sá fún àwọn Spider-Man yòókù, ó wọ ẹ̀rọ tó máa gbé e délé, ẹ̀rọ náà sì ka aláǹtakùn tó bù ú jẹ, kò ka òun fúnra rẹ̀. Aláǹtakùn yẹn kì í ṣe ti ayé Miles. Ayé kan tí wọ́n ń pè ní 42 ló ti wá, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀rọ gbé e lọ. Nílé yẹn, ìyá rẹ̀ wà, Aaron tó jẹ́ arákùnrin bàbá rẹ̀ wà láàyè, bàbá rẹ̀ ló ti kú. Ní ayé tí Miles ti wá, Aaron ló kú, bàbá ló wà. Miles ti ayé 42 kò di Spider-Man rí, nítorí pé aláǹtakùn tó yẹ kó bù ú jẹ ti lọ bu ẹlòmíràn jẹ. Ó di Prowler, ọ̀daràn tí Aaron jẹ́ nínú fíìmù àkọ́kọ́.

Mo ní kí wọ́n ka ohun tí àwọn oníṣẹ́ náà yí padà láàrin Miles méjèèjì. Wọ́n ń ka irun dídì, wọ́n ń ka ìbọ̀wọ́ irin, wọ́n ń ka ojú tó le. Mo ní ẹ̀ka nìwọ̀nyẹn, kí wọ́n wá gbòǹgbò. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń kun àwọ̀, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó sọ pé, "Aláǹtakùn kan ṣoṣo ni." Òun ló gbà á. Kòkòrò kan ṣìnà, ìlú kan sì wà láìsí ẹni tó ń gbà á sílẹ̀. Ohun gbogbo tó kù lára ọmọkùnrin yẹn, títí kan irun orí rẹ̀, ìlú tí kò ní olùgbèjà àti ilé tí kò ní bàbá ló bí i. Bí ọmọbìnrin olómi bá béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún Miles kejì, èsì wà nílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí tú nǹkan mìíràn síta. Nínú Délé márùn-ún tí wọ́n ní, ọ̀kan kì í ṣe Délé rárá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni, tó ró aṣọ náà ní ayé mìíràn. Òǹkọ̀wé wọn ò rí ohun tó burú níbẹ̀, àbí ṣebí Miles àti Peter Parker náà kì í ṣe ẹnì kan náà? Òótọ́ ni, wọn kì í ṣe ẹnì kan náà, ìdí sì nìyẹn tí a fi gbọ́dọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀dà akọni kan wà tó dà bí oyè Ọbaró, ọba Kàbbà: oyè náà kò yí, ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń yí. Miles, Gwen tó di alágbára aláǹtakùn dípò Peter, Peter fúnra rẹ̀, oyè kan náà ni wọ́n jẹ. Ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ń béèrè ni bóyá ẹni tuntun tó oyè náà í jẹ. Ẹ̀dà kejì ni Miles àti Miles ti ayé 42, ènìyàn kan tí ayé rẹ̀ ya méjì, tó ń béèrè ohun tí èmi ìbá jẹ́ ká ní ohun kan kò ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kékeré kan, òǹkàwé ò ní í mọ ìbéèrè tí wọ́n ń bi í. Ẹ̀gbọ́n Délé tó ró aṣọ kúrò nínú ìwé. Èyí tó ń fò àti èyí tó ń yọ iná náà bá a lọ, kò sì sẹ́ni tó sunkún wọn.

Ó wá ku kí wọ́n wá aláǹtakùn tiwọn. Mo sọ fún wọn nípa kọ́míìkì Superman tí Mark Millar kọ, tó jáde ní 2003. Níbẹ̀, ọkọ̀ tó gbé ọmọ náà wá láti òfuurufú kò balẹ̀ sí oko Kansas ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ ayé ti yí fún wákàtí méjìlá sí i, oko àjùmọ̀dá ní Ukraine, lábẹ́ ìjọba Soviet, ló sì bọ́ sí. Agbára rẹ̀ kò yí. Inú rere rẹ̀ gan-an kò yí, kò lè rí ẹni tó ń jìyà kó kọjá lọ. Ṣùgbọ́n inú rere kan náà, nínú ìjọba tó fẹ́ tọ́jú gbogbo ènìyàn tipátipá, ló sọ ọ́ di alákòóso tí kò sẹ́ni tó lè dá a lọ́wọ́ kọ́. Ìyípadà kan, kó kéré, kó sì wáyé kí akọni tó ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ara rẹ̀: bí a ṣe gbà á sí nìyẹn.

Wọ́n kọ́kọ́ ṣe àṣejù. Òǹkọ̀wé gbé ayé kan wá níbi tí àwọn òyìnbó kò ti dé Lọ́kọ́já, tí Nupe kò ti jà dé ilẹ̀ Okun, tí ìyá àgbà ti jọba, tí aṣọ sì ń sọ̀rọ̀. Ó dùn ún gbọ́. Àmọ́ nígbà tí Délé inú ayé yẹn bínú, ta ló lè sọ èyí tó bí i nínú nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin? Bí nǹkan bá yí púpọ̀, a kì í lè tọ ipasẹ̀ èyíkéyìí nínú wọn délé.

Ibi tí wọn ò fọkàn sí ni èsì ti wá. Ayàwòrán fẹ́ kí aṣọ tó yà jọ aṣọ gidi, ló bá lọ bá ìyá arúgbó kan tó mọ iṣẹ́ náà ní Bùnú. Màmá yìí ṣàlàyé fún un bí wọ́n ṣe ń tú òwú pupa lára aṣọ tó wá láti ìlú òyìnbó, tí wọ́n fi ń hun aṣọ ìpò. Ó wo ìwé kìíní fínnífínní, ó sì mi orí. "Ọmọ mi, ẹni tó ya èyí kò mọ̀ ọ́n. Aṣọ ìpò kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń fún ọmọdé ní kọ̀rọ̀. Aṣọ òkú ẹni ńlá ni. Ẹbí ló ni ín. Tí wọ́n bá wá a tì lọ́jọ́ ìsìnkú ńkọ́?"

Ayàwòrán padà dé bí ẹni tí wọ́n já ní pàṣán. Ó rò pé ìwé kìíní ti bàjẹ́. Kò bàjẹ́ o. Ìbéèrè màmá yẹn ni aláǹtakùn tí à ń wá. Tí ìyá àgbà bá fún ọmọ ní aṣọ ní kọ̀rọ̀, á jẹ́ pé aṣọ náà sọnù lójú ẹbí. Ṣé ó lè jẹ́ pé ní ayé mìíràn kò sọnù? Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ara rẹ̀. Ibi tí aṣọ sùn lálẹ́ ọjọ́ ikú ìyá àgbà nìkan ló yí. Ní ayé kìíní, ó bọ́ sọ́wọ́ Délé. Ní ayé kejì, Délé wà ní Lọ́kọ́já lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹbí rí aṣọ, wọ́n sì fi sin ìyá àgbà. Ní ayé kẹta, àbúrò ìyá rẹ̀ ọkùnrin yọ́ ọ tà kó lè rówó ìsìnkú, ẹni tó rà á ló sì wá di olórí àwọn ajínigbé.

Láti ibẹ̀, iṣẹ́ tó kù ni kí wọ́n máa béèrè ohun tó tẹ̀ lé e, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fi nǹkan tuntun kún un. Ní ayé kejì kò sẹ́ni tí ìbọn kì í ràn. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ẹ̀gbọ́n Délé wọ̀ kò ní olùgbàlà, ẹ̀gbọ́n náà sì kú lójú ọ̀nà. Délé yìí kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ó mọ ojú ọgbẹ́ ìbọn, ó mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń tú, ó mọ ìgbà tí ó ti pẹ́ jù. Ní ayé kẹta, àwọn ajínigbé ni ìbọn kì í ràn. Délé yìí bá àwọn ọdẹ wọ igbó, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọdẹ ènìyàn, kì í sì í sùn nílé. Délé burúkú àtijọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ó ti ní ìdí báyìí, kò sì burú mọ́ bẹ́ẹ̀. Ó kàn rẹ̀ ẹ́ ni, ó sì le.

Ohun kan ni mo fi dandan lé: kí wọ́n sọ ohun tí kò yí. Bí gbogbo nǹkan bá yí, Délé mẹ́ta á di ọmọbìnrin mẹ́ta tí orúkọ wọn papọ̀. Ayàwòrán ló dáhùn èyí, kò sì fi ẹnu dáhùn. Ó ya àpótí mẹ́ta sójú ìwé kan. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, Délé kúnlẹ̀ tí ẹni kan tó ṣubú sójú ọ̀nà, orúnkún òsì ló fi kanlẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sítòsí imú ẹni náà láti mọ̀ bóyá ó ń mí. Ìkíní ró aṣọ, etí aṣọ ń wọ́ nínú eruku. Èkejì wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ̀kẹta gbé ìbọn kọ́ èjìká, òun fúnra rẹ̀ ló sì yìnbọn lu ẹni tó ń wò. Ó wulẹ̀ kúnlẹ̀ náà ni. A ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀, dúdú àti funfun, kò sì sẹ́ni tó ṣi ẹnikẹ́ni mú nínú wọn.

Ìpàdé wọn tún fa àríyànjiyàn. Àwọn ọ̀dọ́ náà fẹ́ kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dìde sórí òkè kan, kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ aṣọ wọn. Mo bi wọ́n pé kí ni ọ̀kan ní tí èkejì kò ní. Nínú fíìmù 2021 yẹn, àwọn Peter mẹ́ta wà papọ̀, wọ́n ń bi èyí tí okùn ń jáde láti ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe é, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni àwọn méjì yòókù fi ń ta tiwọn. Ẹ̀rín nìyẹn, ó dáa. Ṣùgbọ́n ibi tí sinimá ti pa rọ́rọ́ ni ìgbà tí MJ, olólùfẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Peter yòókù, já bọ́, tí Peter tí Andrew Garfield ṣe sì fò tẹ̀ lé e, tó gbá a mú. Gwen, olólùfẹ́ tirẹ̀, já bọ́ bẹ́ẹ̀ nínú fíìmù 2014, kò sì rí i gbà là. Ọmọbìnrin ẹlòmíràn ló gbà, ojú rẹ̀ sì kún fún omijé. Ayé mìíràn fún un ní ohun tí ayé tirẹ̀ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì dá tirẹ̀ padà fún un.

Nítorí náà Délé nọ́ọ̀sì wọ ayé kìíní, ẹni tó sì kọ́kọ́ pàdé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti sin. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ ẹkún gígùn síbẹ̀. A yọ gbogbo rẹ̀. Ohun tó kù lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti jẹun?" Ẹ̀gbọ́n náà, tí kò mọ nǹkan kan, ní òun ti jẹun, pé kí ló ń ṣe é tó fi ń wo òun bẹ́ẹ̀.

Ibẹ̀ ni ewu tó wà nínú mọ́tífásì ti yọjú. Òǹkọ̀wé bá ní kí wọ́n kúkú mú ẹ̀gbọ́n náà lọ sí ayé kejì. Bí ó bá ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀, ikú ti parí iṣẹ́ nínú ìwé náà nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó bá kú, a ó lọ bu òmíràn wá. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá ti kó sí irú wàhálà ayé tó pọ̀ jù yìí. Ní 1985, DC gbé ìtàn olópin ẹ̀dà 12 jáde, Marv Wolfman ló kọ ọ́, George Pérez ló yà á, wọ́n sì fi pa ọ̀pọ̀ ayé wọn rẹ́ di ẹyọ kan. Fíìmù 2018 gba ọ̀nà tó rọrùn ju bẹ́ẹ̀: ara àlejò kì í gba ayé tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ń já, ó ń fọ́n, bó bá sì pẹ́ níbẹ̀, yóò kú. Tiwọn ní Kàbbà, inú aṣọ ni wọ́n ti mú un. Àtúhun ni òwú pupa yẹn tẹ́lẹ̀, bí màmá ṣe wí, nítorí náà gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá kọjá láti ayé kan sí òmíràn, òwú kan á tú lára aṣọ Délé kìíní. Aṣọ tó ń wọ́lẹ̀ lójú ìwé kìíní ti dé orúnkún nígbà tí ìwé bá dé ìdajì. Òǹkàwé lè fi ojú wo iye ìrìnàjò tó kù láìsí pé ẹnikẹ́ni ń kà á fún un.

Kí wọ́n tó tẹ ìwé, mo fi pépà bo gbogbo ojú àti aṣọ, mo fi ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan sílẹ̀. Ajínigbé kan nàbọn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ọ̀kan ní, "Yìn ín, mo dúró." Ọ̀kan ní, "Gbé e sílẹ̀ ná, apá rẹ ń ṣẹ̀jẹ̀." Ọ̀kan ní, "Ta ló ta aṣọ yẹn fún ọ̀gá yín?" Ọmọbìnrin olómi sọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìṣi ọ̀kan. Ibi tí wọ́n ti kùnà nínú ìdánwò yìí ni ojú ìwé mélòó kan sí ìparí, níbi tí ìjà ti gbóná tí gbogbo Délé ń pariwo ohun kan náà. Wọ́n tún ibẹ̀ kọ.

Ọ̀nà yìí kò bá gbogbo iṣẹ́ mu. Spider-Ham, ẹlẹ́dẹ̀ aláǹtakùn tí Marvel ti ní láti 1983, kò nílò gbòǹgbò kankan. Ẹ̀rín ni wọ́n dá a fún, àlàyé yóò sì pa ẹ̀rín náà. Ó sì ṣòro láti lò ó fún akọni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan pàtó, tó kàn ń dàgbà díẹ̀díẹ̀ sínú iṣẹ́ rẹ̀, nítorí kò sí òru kan tí a lè tọ́ka sí pé ibí ló ti ya. Ní ti ẹ̀gbọ́n Délé tí a yọ kúrò, ayàwòrán ti ń ya á sínú ìwé mìíràn báyìí, aṣọ pupa lára rẹ̀, ní ayé tí kò ti sí Délé rárá. Wọn ò tíì fẹnu kò lórí bóyá aṣọ náà máa gbà fún un.